Túùbù Tí A Kò Wò Nírọ̀lẹ́

Má-kánjú ni wọ́n ń pè é ní láàbù, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn nọ́ọ̀sì tuntun rò pé bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sáré wá béèrè èsì lọ́wọ́ rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́: "Ẹ má kánjú. Kòkòrò kì í purọ́, àwa la máa ń ṣì í gbọ́."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ irú bakitéríà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti egbò àwọn aláìsàn. Máíkíróskóòpù nìkan kò tó fún irú iṣẹ́ yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló jọra bí ìbejì. Ìwà la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èyí tó bá lè jẹ sítíréètì, iyọ̀ kan tó wá láti ara ọsàn, yóò sọ oúnjẹ aláwọ̀ ewé tí a gbé e lé di búlúù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Èyí tó bá ní èròjà tí wọ́n ń pè ní ọ́kísídéèsì nínú ara rẹ̀ yóò sọ bébà àyẹ̀wò di àwọ̀ àlùkò kí o tó ṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó bá ní èròjà kátáléèsì, bí a bá kán pẹrọ́kísáìdì, omi tí wọ́n fi ń nu egbò yẹn, sí i, yóò yọ ìfófòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa bẹ̀ ẹ́ pé bí òun bá pẹ́ dé, kó jọ̀ọ́, kó má kán nǹkan kan sí òun lórí láti fi mọ ibi tí òun ti ń bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àwàdà kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìkókó tí wọn kò tíì gbé délé rí, wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ibà tí kò fẹ́ lọ. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sí láàbù, bakitéríà sì ti hù níbẹ̀. Òògùn líle kan ni wọ́n ń fún un, àmọ́ òògùn náà ti ń bá kíndìnrín rẹ̀ jà. Ìtọ̀ rẹ̀ ti dín kù. Dókítà ń dúró de èsì. Bí bakitéríà náà bá jẹ́ ará awọ lásán, tó kàn bá abẹ́rẹ́ wọlé nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, yóò dá òògùn dúró kí kíndìnrín ọmọ má baà bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń pa ọmọ, dídá òògùn dúró ni yóò pa á.

Nítorí pé ẹbí rẹ̀ ni, Má-kánjú kò fọwọ́ kan àyẹ̀wò náà. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Olójú-mẹ́rin nítorí awò ojú rẹ̀, ló ṣe é. Lánàá ló ti rí wọn lábẹ́ máíkíróskóòpù, róbótó róbótó, wọ́n ṣù mọ́ra. Ó kán pẹrọ́kísáìdì sí wọn, wọ́n hó. Ìdílé stafilokọ́kọ́ọ̀sì nìyẹn, tí ará awọ àti apani jọ wà nínú rẹ̀. Ó wá ku koágúléèsì, àyẹ̀wò tó ń ya ọ̀daràn ìdílé náà sọ́tọ̀: a ó po bakitéríà náà mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ ehoro nínú túùbù, a ó gbé e sínú àpótí tó móoru bí ara èèyàn. Bí ó bá dì, ọ̀daràn ni. Bí ó bá wà bó ṣe wà, ará awọ ni.

"Omi ni, Ọ̀gá," Olójú-mẹ́rin wí, ó dẹ túùbù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi inú rẹ̀ sì ṣàn tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà."

Inú Má-kánjú dùn. Ó ti mú fóònù láti pe àbúrò rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sára àwo tí bakitéríà náà hù sí. Wọ́n pọ́n bíi wúrà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ inú àwo náà sì ti mọ́ gaara yí wọn ká, wọ́n ti jẹ ẹ́ lọ. Ará awọ kì í sábà ṣe báyẹn. Ó gbé fóònù kalẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Ta ló wo túùbù yìí nígbà tó pé wákàtí mẹ́rin nínú àpótí?"

"Kò sẹ́ni tó wò ó. Aago méjì ti kọjá lánàá kí n tó gbé e síbẹ̀." Olójú-mẹ́rin nawọ́ sí ara àpótí. "Òfin yín ni mo tẹ̀ lé, Ọ̀gá."

Òfin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́ lórí bébà, ọwọ́ Má-kánjú fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́: túùbù tó bá wọlé lẹ́yìn aago méjì, àárọ̀ ni kí ẹ kà á. Ọdún tó di olórí láàbù ló ti lẹ̀ ẹ́, kí gbogbo wọn lè tètè lọ gbé ọmọ wọn níléèwé. Wọ́n sì yìn ín gan-an nígbà yẹn. Ó mọ ewu tó wà níbẹ̀: àwọn ọ̀daràn kan wà tí wọ́n á mú omi ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n á sì tún tú u kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá wò ó láàárọ̀ nìkan, omi ni yóò bá. Ó rò pé kì í ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pe dókítà, ó ní kó fún àwọn láyè di ọ̀sán.

"Ọmọ ò tọ̀ dáadáa láti àná, ẹ ní kí n dúró?" dókítà wí. "Ṣé olórí láàbù ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara. "Àwọn méjèèjì ni. Àyẹ̀wò yẹn kò pé, Dókítà. Bí mo bá fún yín lésì rẹ̀ báyìí, irọ́ ni mo pa."

"Ọ̀sán ni òògùn tó kàn. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, n ò ní fún un."

Olójú-mẹ́rin tún gbé túùbù mẹ́ta kalẹ̀: ti ọmọ, ti ọ̀daràn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti ti ará awọ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá omi ẹ̀jẹ̀ ehoro náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Má-kánjú fa àga, ó jókòó ti àpótí náà bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ bá a.

"Àǹtí mi, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má tíì dá òògùn yẹn dúró. Ṣé ẹ rí bójú ọmọ mi ṣe ń wú?"

"Fún mi láyè di ọ̀sán."

"Tẹ́ ẹ bá wá ṣì í ńkọ́?"

Má-kánjú yíjú padà sí àpótí náà. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á rí láyé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wo àwọn túùbù náà, omi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà kejì, ti ọ̀daràn ti dì. Ti ọmọ ṣì ń ṣàn. Olójú-mẹ́rin kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ wò ó, obìnrin tí kì í kánjú yìí wá ń bẹ ọwọ́ aago. Ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n tán kí wọ́n tó ṣí àpótí náà lẹ́ẹ̀kẹta. Olójú-mẹ́rin rọra dẹ túùbù ọmọ, nítorí pé bí èèyàn bá mì í, ó lè bàjẹ́. Kò ṣàn. Ó dẹ ẹ́ sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dúró gbagidi síbi tó wà. Ti ará awọ ṣì jẹ́ omi.

"Ó ti dì, Ọ̀gá," ó wí, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ìgbà tí dókítà gbọ́, kò jiyàn mọ́. Ó ní àwọn yóò dín ìwọ̀n òògùn náà kù, àwọn yóò sì máa ṣọ́ kíndìnrín, ṣùgbọ́n òògùn kò ní kúrò.

Má-kánjú fi túùbù náà sílẹ̀ nínú àpótí. Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dẹ ẹ́, ó sì ṣàn bí omi òjò. Ó fi hàn Olójú-mẹ́rin. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Àmọ́ àwọn mìíràn wà nínú ọjà náà tí òkò ti lè bà, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe wọn. Ó ya òfin náà kúrò lára àpótí, bébà rẹ̀ sì já sí méjì nítorí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn.

Ibà ọmọ náà lọ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Àbúrò rẹ̀ sáré wá sí láàbù pẹ̀lú ìtẹ̀dí tó rin gbindin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ó tọ̀ sí mi lára, Àǹtí mi! Ọpẹ́lọpẹ́ yín! Ẹ̀yin lẹ gba ọmọ yìí là."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," Má-kánjú wí. Ojú rẹ̀ wà lára àpótí níbi tí gọ́ọ̀mù ṣì wà. "Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ni, omi ni ǹ bá pè é."