Mi Ò Tíì Ṣiṣẹ́ Rí

Safiyat kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá mọ ilé ìyá rẹ̀ ní Badagry, níbi tí wọ́n ti ń se àdín àgbọn, yóò jẹ́rìí sí i. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé gírámà ló ti ń yẹ kẹ́ẹ̀gì àdín wò bóyá ó ń jò, tó ń kọ orúkọ oníbàárà sí i lára, tó ń wá dírẹ́bà tí yóò gbé e, tó sì ń pe oníbàárà títí ẹrù yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá fọ́ lọ́nà, òun náà ló ń gbọ́ èébú. Sagbo, dírẹ́bà ará Ègùn tó ń ná Máìlì Tú, ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Mánéjà ló ń pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ bi Safiyat pé ṣé ó ti ṣiṣẹ́ rí, yóò ní rárá. Wọn kì í pe ìyẹn níṣẹ́ nílé wọn. Ọmọ tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe ni? Ọmọ ló ń ṣe. Iṣẹ́ ni èyí tí èèyàn ń fi káàdì kọ́rùn lọ ṣe.

Ó ti gboyè, ó ti sin ìlú. Ọ́fíìsì tí wọ́n pín in sí nígbà àgùnbánirọ̀, àga ni wọ́n fún un, wọn ò fún un níṣẹ́. Láti ìgbà náà, ó ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ mọ́kànlélógójì. Mẹ́ta péré ló dáhùn, ẹni tó ti ní ìrírí ọdún méjì ni gbogbo wọn sì ń wá. Ta ni yóò kọ́kọ́ gbani, tí ọdún méjì yóò fi pé?

Ní àárọ̀ ọjọ́rú kan, wọ́n gbé nọ́ńbà obìnrin kan, Tèmídayọ̀, sórí Wáásáàpù àwọn ọmọ ilé ìwé wọn. Iṣẹ́ obìnrin náà ni kó máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Ó ní kí ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀wé sóun, àmọ́ aago mẹ́rin ọjọ́ náà lòun máa fi orúkọ ránṣẹ́ sáwọn ilé-iṣẹ́.

Safiyat jókòó láàárín kẹ́ẹ̀gì, ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ohun tó sọ rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Orúkọ mi ni Safiyat Muhyideen. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa òwò ṣíṣe, mo sì ti sin ìlú. Mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n mo máa ń tètè kọ́ nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àyè wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? CV mi wà nísàlẹ̀.”

Kò tó wákàtí kan tí èsì fi dé.

“Safiyat, o ṣé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá ń wá ẹni tí yóò máa rí sí bí ẹrù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Wọn ò béèrè ọdún, àmọ́ wọ́n fẹ́ ẹni tó ti fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kódà kó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ṣé o ti ṣe é rí?”

Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé irọ́ inú CV máa ń tú. Ó dáhùn pé, “Rárá mà. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín.”

“Ó dáa. O ṣé tó o sọ òótọ́.” Ó tán.

Sagbo fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ níta. “Mánéjà! Ṣé kí n máa lọ ni, àbí kí n sùn síbí?”

“Ẹ ní sùúrù, bọ̀dá Sagbo, ẹ̀yin náà kì í tètè dé!” Ó kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà fún un, ó ka orúkọ tó wà lára wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago mẹ́rin kọjá kí ìyá rẹ̀ tó bi í ohun tó mú ojú rẹ̀ korò. Safiyat ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà gbé ọmọrogùn sílẹ̀.

“O ní o ò ṣe é rí? Ta ló ń kó àdín lọ bá àwọn èèyàn láti ọdún mọ́kànlá? Èmi ni?”

“Mọ́mì, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kẹ̀. Ilé wa nìyẹn.”

“Ẹni tó bi ọ́ ò bi ọ́ pé ilé ta ni.”

Safiyat kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tèmídayọ̀: àdín, kẹ́ẹ̀gì, dírẹ́bà, oníbàárà. Ó pẹ́ kí èsì tó dé.

“Háà, Safiyat. Ohun tí mo bi ọ́ gan-an nìyẹn. Mo ti fi orúkọ ránṣẹ́. Ọmọ tó ń bá àǹtí rẹ̀ pín omi inú ọ̀rá ni mo fi sí i. Mi ò mọ̀gbà tí irú rẹ̀ máa tún yọjú. Pẹ̀lẹ́.”

Ìyá rẹ̀ padà sídìí iná. Fóònù tún dún, Safiyat sáré gbé e. Ìyá Démọ́lá ni, oníbàárà wọn ní Máìlì Tú.

“Safiyat, àdín mi dà? Mo ti ń dúró láti ọ̀sán!”

Safiyat nu imú rẹ̀.

“Ẹ má bínú mà. Ó ti wà lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n pe dírẹ́bà.”