Iná Tí Bàbá Ìbejì Fi Sítíkà Bò

Iṣẹ́ Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, ni kó máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Látìgbà tó ti ra ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ lè rìn láìní afẹ́fẹ́, etí wa ò gbádùn mọ́. Á fẹsẹ̀ gbá táyà náà lójú àlejò: "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, òun ló ń gbé ọkọ̀ dúró bí ìṣó bá gún un. Kí ni mo fẹ́ fi sípíà ṣe?" Kò ní sọ pé táyà náà le débi pé gbogbo kòtò ló ń ta wá nídìí.

Ìṣó gún táyà kan lóòótọ́, iná ìkìlọ̀ sì tàn níwájú awakọ̀. Ìwé ọkọ̀ ní kó má sáré ju ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kó má sì rìn ju ọgọ́rin kìlómítà lọ. Bàbá Ìbejì fi sítíkà bo iná! Odindi ọ̀sẹ̀ ló fi ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ kiri, nítorí ọkọ̀ ṣì ń lọ geere.

Èmi àti ìyá rẹ̀ la jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí táyà fà ya. Nígbà tí fọganáísà tú u, èérún rọ́bà ló ń dà jáde, ló bá ní:

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti run nínú. Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, bóyá ì bá ṣeé lẹ̀. Ẹ ò ní sípíà, wọn ò sì ń ta irú rẹ̀ ládùúgbò yìí."

Ọkọ mi ò tiẹ̀ tijú. "Irú rẹ̀ náà ni màá tún rà."

Ìyá rẹ̀ wò ó látòkèdélẹ̀. "Táyà tí ò ní afẹ́fẹ́ pàápàá mọ ibi tó yẹ kóun dúró. Ìwọ ńkọ́?"