Ọ̀dà Tí Mo Yàn fún Géètì àti Bọ́gúlárì Wa

Ọdún mélòó kan péré ni bọ́gúlárì àkọ́kọ́ lò nílé wa ní Mowe. Lọ́jọ́ kan mo fọwọ́ di ọ̀pá kan mú lójú fèrèsé yàrá wa, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó dá sí mi lọ́wọ́ bíi bisikíìtì. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi kì í ṣí fèrèsé mọ́, nítorí ẹ̀rù olè. Inú ooru la ń gbé.

Nígbà tí a fẹ́ ṣe òmíràn, pẹ̀lú géètì tuntun, mo ní n kò ní jẹ́ kí wẹ́dà tó ń bá wa jó irin bá mi yan ọ̀dà. Láyé ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, tí irun mi ṣì dúdú, olùkọ́ wa so sìǹkì, irin funfun kan, mọ́ ìṣó kan nínú omi iyọ̀, ó fi ìṣó mìíràn sínú omi iyọ̀ láìso nǹkan mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ìṣó lásán náà ti pọ́n fún ìpẹtà, èyí tó ní sìǹkì ṣì mọ́. Olùkọ́ ní sìǹkì máa ń jìyà fún irin, bó bá ṣáà ti fara kàn án. Mo ṣì ń rántí yàrá yẹn, àti bí gbogbo wa ṣe rò pé a ti mọ̀wé tán.

Wẹ́dà wa, ará Ifọ̀, rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, rẹ́d-ọ́sáìdì, ọ̀dà pupa yẹn, la máa ń kùn o. Gbogbo Ifọ̀ ló ń lò ó.”

“Gbogbo Ifọ̀ náà ni géètì wọn ń dípẹtà.”

“Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí! Ó dáa, ẹ gbé tiyín wá.”

Mo ra ọ̀dà tó kún fún lẹ́búlẹ́bú sìǹkì. Mo dúró ti wẹ́dà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ó fi ha àwọn irin náà mọ́, tó sì kùn wọ́n. Mo forí lé ilé bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ kejì ó kó wọn wá sí Mowe, ó jó wọn pọ̀ lójú mi, ó fi ọ̀dà dúdú bo gbogbo rẹ̀. Ó ń dán. Mo tún fún un ní omi tútù.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára bọ́gúlárì. Mo ránṣẹ́ pe wẹ́dà.

“Bàbá, mo sọ fún yín. Ọ̀dà yín ló jáni kulẹ̀.”

“Wò ó dáadáa! Ṣé ìpẹtà wà láàárín ọ̀pá yìí?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. “Rárá o, sà.”

“Ibo ló wà?”

“Ibi tí mo ti jó o.”

“Iná rẹ jó sìǹkì kúrò níbẹ̀, o wá kun dúdú lé èéfín àti èépá lórí!”

“Ẹ̀yin náà dúró tì mí, Bàbá. Ẹ ò sọ̀rọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, mo dúró gbagidi, mo ń wo iná.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ojú ibẹ̀ títí ó fi funfun, mo sì fi sìǹkì tó ṣẹ́kù kùn ún fúnra mi. Ìyàwó mi dúró sẹ́yìn wa, ó ń tọ́ka sí ibi tí a fò. Lẹ́yìn òjò kejì, omi pupa kò ṣàn mọ́, ó sì ṣí fèrèsé.

Wẹ́dà padà wá béèrè irú ọ̀dà wo la lò, pé òun fẹ́ lò ó fún géètì kan ní Àgbàdo.

Mo ní, “Ṣé o ti jó géètì náà tán?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kùn ún ná, Bàbá, bí a ti ṣe tiyín.”