Adéòjó Tó Ń Bá Omi Rìn

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Adéòjó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò nílé-iṣẹ́ omi wa tó wà létí odò, níhà Ìkòròdú, ibi tí omi ẹ̀rọ àwọn ará Ìgbògbò ti ń wá. Ṣẹ̀rífátù ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ọbẹ̀ lè jóná mọ́ ìkòkò, Adéòjó ò ní mọ̀. Kilorín, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò inú omi, ló jẹ imú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí sílíńdà rẹ̀ jò. Látìgbà náà, ojú àti etí ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ó ní àṣà kan. Ẹni tuntun tó bá dé, kò ní fún un níwèé. Á ní kó bá omi rìn, láti odò títí dé ẹnu ẹ̀rọ ní Ìgbògbò. Ibi tí omi bá lo ìṣẹ́jú kan, kí olúwarẹ̀ lo ìṣẹ́jú kan. Ibi tó bá lo wákàtí méjì ààbọ̀, kó jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá, àwọn tuntun méjì dé: Fọláwùmí, tí ilé ìyá rẹ̀ wà ní Ìgbògbò gan-an, àti Salman, ọmọ pólì tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Èmi ni mo ń kó ewé kúrò lójú àwọ̀n irin létí odò. Aago mẹ́fà ni wọ́n bá mi níbẹ̀. Kùrukùru bo odò débi pé à ń gbọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ibeshe, a ò rí i.

Adéòjó ní, "Àwọ̀n yìí ló ń dá igi, ewé àti ọ̀rá dúró. Pọ́mpù á wá fa omi lọ sókè. Ẹ jẹ́ ká bá a lọ."

Irinwó ìṣísẹ̀ ni láti odò dé ibi tí wọ́n ti ń da álọ́ọ̀mù tó ń kó ìdọ̀tí jọ sí i. Níbẹ̀, omi ń yí bí ẹni tí wọ́n na. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi kọjá. Ó wọ inú kòtò tí abẹ̀bẹ̀ onígi ti ń rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìdọ̀tí tí ojú ò rí tẹ́lẹ̀ wá ń so mọ́ra bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ó dé adágún ńlá tí ẹ̀gbọ̀n òwú yẹn ti ń rì sísàlẹ̀.

Aago méje kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Adéòjó ju èèpo àgbàdo kan sójú omi, ó jókòó.

"Tó bá dé òpin, àwa náà á dìde. Wákàtí méjì ààbọ̀."

Salman wo adágún náà. Ohunkóhun ò mì níbẹ̀. Funfun kan ń sọ̀kalẹ̀ nínú omi, ó ń lọ sísàlẹ̀ láì dún.

"Bàbá, ṣé àìsùn òkú la wá ṣe ni?"

"Òkú ò níṣẹ́ kankan mọ́. Omi yìí ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n lọ máa wo iwájú."

Adéòjó ń wo èèpo rẹ̀. Salman lọ. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n ní kí n wá ru àpò álọ́ọ̀mù. Àpò mẹ́rìnlá ni. Mo fi ojú àwọ̀n sílẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, torí èmi ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ohun tí Salman ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa. Ó kọjá àwọn àpótí iyanrìn tí ń sẹ́ omi, ó dé ẹnu ẹ̀rọ tí a ti ń yẹ omi wò lẹ́yìn tí kilorín bá ti kán sí i. Oògùn kan wà tí a máa ń dà sínú ìgò. Bí kilorín bá wà nínú omi, á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi sóbò tí a bomi là. Ní aago mẹ́jọ, Salman da oògùn sí i. Omi pọ́n wàì, àwọ̀ náà sì parẹ́ lójú ẹsẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnìkan lá a. Ó tún un ṣe. Ó tún pòórá. Ó wò yíká, kò sí ẹnì kankan.

Ó ní kilorín ò sí, ó bá ṣí ẹnu sílíńdà sí i kó lè máa kán púpọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó tún ṣí i. Òórùn rẹ̀ ti kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo ru àpò tó kẹ́yìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Fọláwùmí na ọwọ́.

"Bàbá, èèpo yẹn ò rìn mọ́."

Lóòótọ́, ó dúró láàárín adágún, bíi pé nǹkan dì í mú nísàlẹ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́ rárá. Adéòjó gbé etí lé páìpù tó ń bọ̀ láti odò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní kí èmi náà gbọ́. Pọ́mpù ń dún bí ẹni tó ń jẹ òkúta lẹ́nu.

"Kò rí omi fà," ló wí. "Ta ló wà lójú àwọ̀n?"



Ó yíjú sí Fọláwùmí. "Omi tó ń wọlé ti dín kù. Kilorín ń kán bó ṣe ń kán tẹ́lẹ̀. Kí nìyẹn já sí?"

"Ó ti pọ̀ jù, sà."

Aago mẹ́wàá la máa ń ṣí omi sí ìlú. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A sáré. Lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta tó máa ń gbé ibẹ̀ ti yí ikùn sókè, wọ́n funfun báláú. Fọláwùmí fi ọwọ́ bo imú, omijé ń jáde lójú rẹ̀. Adéòjó ò gbóòórùn nǹkan kan.

Salman gbé ìgò sókè. "Bàbá, kò sí kilorín níbẹ̀! Ẹ wò ó, àwọ̀ ọ̀hún ń sá lọ."

"Bu ṣíbí kan níbẹ̀. Fọláwùmí, bu omi òjò inú garawa yẹn, ṣíbí mẹ́sàn-án."

Wọ́n pò ó. Wọ́n da oògùn sí i. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò sì lọ. Salman gbé ìgò kalẹ̀ bíi pé ó gbóná.

"Tó bá pọ̀ jù, ó máa ń jẹ àwọ̀ ara rẹ̀," Adéòjó wí. "Ìwọ rò pé ebi ń pa á, o wá ń bọ́ ọ."

Ó ti kilorín pa pátápátá. Ó pe àwọn tó ń ṣọ́ pọ́mpù ìlú pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni.

Salman ní ká tú omi tí kilorín ti pọ̀ jù nínú tánkì sódò. Fọláwùmí ló kọ́kọ́ ké mọ́ ọn: "Ẹja àwọn ará Ibeshe ńkọ́?" Adéòjó ní kí wọ́n tú u sí adágún ẹrẹ̀, níbi tí omi tí a fi ń fọ iyanrìn ń lọ. Oòrùn àti ẹrẹ̀ á jẹ ẹ́.

Mo lọ sójú àwọ̀n. Ewé ojú omi ti wá nínú kùrukùru, ó bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹní. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàlélógún ni mo kó. Bí mo ṣe kó èyí tó kẹ́yìn, pọ́mpù mí kanlẹ̀.

Títí di ọ̀sán, omi ò dé ìlú. Fóònù ń dún, Adéòjó ń gbé e. "Ẹ bú mi," ló ń sọ. "Ẹ bú mi dáadáa, mo ń gbọ́."

Omi tuntun kún inú tánkì. Wọ́n da kilorín sí i níwọ̀n, wọ́n jẹ́ kó bá a gbé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aago mẹ́ta ni wọ́n ṣí i. Adéòjó ní ìrìn ò tíì parí. Gbogbo wa bá omi lọ sí Ìgbògbò, dé ẹnu ẹ̀rọ tó jìnnà jù, ti ìyá Fọláwùmí.

Ìyá náà ti to kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà sílẹ̀, ó dúró tì wọ́n.

"Kí lẹ ń fi omi ṣe láti àárọ̀? Ṣé ẹ̀ ń bí i ni?"

Fọláwùmí ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ó jẹ́ kí omi ṣàn fún ìgbà díẹ̀, ó bu ìgò kan, ó da oògùn sí i. Omi náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó wo Adéòjó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè, títí dé ọgọ́ta. Àwọ̀ náà ò lọ síbì kankan.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ pọn ọ́n."