Níbo Ni Ilẹ̀kùn Wà Nínú Àwòrán Yìí?

Ọ̀sán Sátidé ni. Baba Pátákó ń kun lẹ́tà tó gbẹ̀yìn lára pátákó onígẹ̀rígẹ̀rí kan nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ inú ṣọ́ọ̀bù, tó na bébà kan sí i láìwo ojú rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọwọ́ lu èyí."

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì sínú agolo kẹrosíìnì, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò iṣẹ́ tí kò sí àwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀ mọ́, ó sì gba bébà náà. Iléèwé ló kọ ọ́. Ó ní kí òbí fọwọ́ sí i pé òun gbà kí wọ́n yọ ọmọ òun kúrò nínú kíláàsì físíìsì, kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Bàbá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó ti ń tú rédíò tó bàjẹ́ láti kékeré, tó sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ara aláìsàn lòun máa tún ṣe bí òun bá dàgbà, òun ló fẹ́ pa físíìsì tì yìí? Ó ká bàbá náà lára.

"Ta ló ní kí o kúrò níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kúrò. Ìdánwò méjì ni mo ti fìdí rẹmi. Olùkọ́ ní bí mo bá tún gba òdo nínú iṣẹ́ àṣetiléwá yìí, kí n mú fọ́ọ̀mù yìí wá lọ́jọ́ Ajé. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní ló máa ti ojú ìwé orí ayélujára tí a ń fi iṣẹ́ sí. Mi ò lè ṣe é. Ẹ kàn bọwọ́ lù ú, Dádì, kí n sinmi."

Ká ní ìyá rẹ̀ wà nílé ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dé ṣọ́ọ̀bù rárá. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, òun ló sì máa ń bójú tó ohunkóhun tó bá ní nọ́ńbà àti lẹ́tà nínú pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀sán ló wà, aago mẹ́jọ alẹ́ ló máa tó dé. Baba Pátákó ní tirẹ̀ kò kọ́ sáyẹ̀ǹsì kankan rí. Bí wọ́n bá dárúkọ físíìsì níwájú rẹ̀, ṣe ló máa ń wá nǹkan mìíràn ṣe.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ó fa àpótí ìjókòó kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Jókòó. Mú iṣẹ́ náà wá kí n rí i."

"Dádì, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé mi ò lè mọ̀ ọ́n. Mo ní kí n rí i ni."

Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú bàbá. Olùkọ́ ti ya fọ́tò ojú ìwé kan, ó sì ti gbé e sórí ojú ìwé kíláàsì lórí ẹ̀rọ ayélujára kí oníkálukú lè wò ó lórí fóònù. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà níbẹ̀ tí okùn méjì ń fà, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní ilà tó ní orí bí ọfà. Wọ́n kọ àádọ́ta níútìn sára ilà àkọ́kọ́. Wọn kò kọ nǹkan kan sára èkejì. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún níútìn mẹ́wàá, kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ilà kejì láti mọ bí okùn náà ṣe ń fà tó, kí ó sì wá iye tí okùn méjèèjì jọ ń fà.

"Kí ni wọ́n ń pè ní níútìn?"

"Òun la fi ń wọn ipá, bí èèyàn ṣe ń fa nǹkan tàbí tì í tó. Bí òṣùwọ̀n ṣe wà fún ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni níútìn ṣe wà fún fífà."

"Èyí ò burú. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?"

Ojú ọmọ náà pọ́n. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wọn àwọn ilà náà lójú fóònù, ó yà wọ́n sórí bébà, ó fà wọ́n pé di igun mẹ́rin bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì wọn ilà tó là á láàárín láti igun dé igun, nítorí ilà yẹn ni ìdáhùn. Nígbà àkọ́kọ́, ó rí níútìn méjìlélógójì. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà kí ó lè ríran dáadáa, ó tún un wọ̀n, ó di mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó tún fẹ̀ ẹ́ sí i, ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

"Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́ta," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún. "Olódo ni mí, Dádì. Orí mi ò gbà á."

Bàbá náà gba rúlà, ó gbé e lé ojú fóònù fúnra rẹ̀. Ó fi ìka fẹ àwòrán náà, ó wọ̀n ọ́n. Ó fi ìka fún un pọ̀ kí ó kéré, ó tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da agolo kẹrosíìnì nù.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Inú ọmọ náà ti ń bí.

"Má bínú, ìyá mi. Iṣẹ́ tèmi lo gbé wá fún mi, mo ṣebí físíìsì ni."

Ó na ọwọ́ sí pátákó tó wà lára ògiri. "Oníbàárà máa fi fọ́tò iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Á ní, Baba Pátákó, báwo ni pátákó tí ibẹ̀ máa gbà ṣe máa tóbi tó? Bí mo bá gbé rúlà lé fọ́tò yẹn, pátákó tí màá ṣe kò ní ju páálí ìṣáná lọ! Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wá ni ilẹ̀kùn. Màá ní kí ó bá mi wọn ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí mo bá ti mọ bí ilẹ̀kùn ṣe ga tó lójú ayé, tí mo sì mọ bó ṣe ga tó nínú fọ́tò, gbogbo nǹkan tó kù nínú fọ́tò yẹn ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wàyí o, níbo ni ilẹ̀kùn wà nínú àwòrán yìí?"

"Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni."

"Wá ohun tó o mọ ìwọ̀n rẹ̀ lójú ayé."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ fóònù. Bàbá náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, èyí tó nira fún un ju kíkun pátákó mẹ́wàá lọ.

"Àádọ́ta níútìn," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́. "Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ló yẹ kí ilà yìí gùn lórí bébà tí olùkọ́ yà." Ó gba rúlà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó dá àwòrán náà padà sí bó ṣe wà kí ó tó fẹ̀ ẹ́. "Lójú fóònù, mẹ́ta péré ni. Dádì, fóònù ti sọ ọ́ di kékeré! Gbogbo ohun tí mo ń wọ̀n, kì í ṣe sẹ̀ǹtímítà olùkọ́."

"Ilẹ̀kùn rẹ nìyẹn."

"Mẹ́ta yìí dúró fún àádọ́ta. Ilà kejì jẹ́ mílímítà méjìdínlógún." Ó ṣírò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣírò. "Ọgbọ̀n! Okùn kejì ń fi ọgbọ̀n níútìn fà á. Àmọ́ igun tó wà láàárín okùn méjèèjì ńkọ́? Ọgọ́ta dígírì ni mo rí."

"Nígbà tó o fẹ àwòrán náà, ṣé igun yẹn yí padà?"

"Rárá, ọgọ́ta ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Kò lè yí padà. Lẹ́tà tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bébà, bó ṣe máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà nìyẹn lára ògiri."

Ọmọ náà kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn dáadáa, nítorí ó ti tẹ̀ mọ́ ìwé. Ó ya ilà sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ó ya ti mẹ́ta, ó fi ọgọ́ta dígírì sáàárín wọn, ó fà á pé di igun mẹ́rin, ó sì la àárín rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n. Sẹ̀ǹtímítà méje gééré. Àádọ́rin níútìn. Ó kọ gbogbo ọ̀nà tó gbà sílẹ̀, títí kan bó ṣe lo ilà àádọ́ta láti mọ bí fóònù ṣe sọ àwòrán di kékeré, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́. Aago márùn-ún kò tíì lù.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí èsì olùkọ́ fi dé. Ọmọ náà kà á sókè: "Àádọ́rin ni ìdáhùn. Àwọn tó ti fi tiwọn ránṣẹ́ kó oríṣiríṣi nọ́ńbà wá, mi ò sì mọ ohun tó fà á títí mo fi ka iṣẹ́ rẹ. Ẹ̀bi tèmi ni, mi ò rò ó nígbà tí mo gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ lo máa ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì. Bí ó bá yé wọn, mi ò fẹ́ rí fọ́ọ̀mù kankan lọ́wọ́ rẹ mọ́."

Bàbá náà pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà kò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù ti tún bà á.

"Níwájú gbogbo wọn? Dádì, bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè ńkọ́?"

"Èmi ni kíláàsì. Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Kò sí ẹni tó máa wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ máa le ju tèmi lọ."

Ọmọ náà dìde, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkọ̀ ojú omi sára pátákó àtijọ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí dé ìdáhùn. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́. Àádọ́ta àti ọgbọ̀n, ọgọ́rin ni lọ́jà. Ta ló kó mẹ́wàá yòókù lọ?"

Ọmọ náà wo pátákó, ó wo bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé garawa ọ̀dà tó kún dẹ́nu, ó so okùn méjì mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọ̀kan lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ dúró pọ̀, wọ́n fà á síbì kan náà, garawa náà sì ń yọ̀ bọ̀. Ó ní kí wọ́n jìnnà síra wọn díẹ̀. Garawa náà wúwo sí i, ó sì ń gba àárín wọn bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ bàbá tó lágbára jù ló súnmọ́. Wọ́n tún jìnnà síra wọn sí i, ó tún le sí i.

"Ẹ rí i? Díẹ̀ nínú agbára yín ń fà á sọ́tùn-ún, díẹ̀ nínú tèmi ń fà á sósì. Àwọn yẹn pa ara wọn rẹ́ ni. Èyí tó ń fà á bọ̀ tààrà nìkan ló kù, òun ni àádọ́rin. Bí a bá dúró pọ̀, kò sí èyí tó máa ṣòfò, á jẹ́ ọgọ́rin. Ṣé ó yé yín, Dádì?"

Bàbá náà mú okùn dání, ó ń wo garawa. Gbogbo ọdún tó fi lọ sí iléèwé, bí olùkọ́ bá ti bi í pé ṣé ó yé e, ó máa ń yára dáhùn pé ó yé òun, sà, kí wọ́n má bàa nà án, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa fi í rẹ́rìn-ín. Kò yé e rí. Bó ṣe pa irọ́ yẹn jáde kúrò ní iléèwé nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ó tún okùn náà fà díẹ̀, ó rí i bí garawa ṣe gba àárín bọ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Ó yé mi," ni ó wí.

Òótọ́ ló sọ.