Àpò Gbòǹgbò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tú

Alágbo Orúnkún ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun kọ́ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn o, àwọn tí orúnkún ń dùn ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì gbà á bí ẹni gba oyè. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá ẹ̀yìn ilé di ibi tó ti ń se agbo: ìkòkò ńlá, asẹ́, ìgò tó fi omi gbígbóná ṣàn, àti àwọn àpò tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó mọ́ tónítóní. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí lẹ́nu ìgò, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lẹ ti rà á.

Àmọ́ olórí kunkun ni. Kò kọ nǹkan kan sára àwọn àpò rẹ̀. Èyí tí atalẹ̀ lílọ̀ wà nínú rẹ̀ àti èyí tí gbòǹgbò lílọ̀ wà nínú rẹ̀ jọra bí ìbejì, gbòǹgbò yìí gan-an sì ni ọba agbo náà. Bí mo bá ní kó kọ orúkọ sí wọn, á fọwọ́ kan imú rẹ̀, á ní, “Ìwé tèmi nìyí.”

Ilé ìtajà oògùn ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ó lẹ àwòrán àwọn oníbàárà mọ́ ògiri yàrá iwájú, pẹ̀lú ohun tí oníkálùkù sọ. Ọ̀kan ní òun ti ń gun àtẹ̀gùn. Ọ̀kan ní òun ti ju ọ̀pá nù. Láàárín wọn ni ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà, ẹni tó fún ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ní agbo náà mu, tó bi wọ́n bóyá ara ti yá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi gíláàsì bò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún ńkọ́? Ògiri wo ni tiwọn wà?”

“Wọn kì í padà wá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀yin náà ti dáhùn.”

“Àwọn tó padà wá ńkọ́, ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?”

Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń mú mi, torí wọn kì í purọ́. Ìrora orúnkún a máa lọ, a máa bọ̀. Ọjọ́ tó bá le jù ni èèyàn máa ń sáré wá ra agbo, lẹ́yìn èyí tó le jù, ó máa ń rọ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọkàn èèyàn bá sì ti gbà pé ìwòsàn ti dé, ìrora a máa dínkù ní tòótọ́, kì í ṣe àrékérekè. Bí mo bá ti ń ṣàlàyé èyí, ẹ̀gbọ́n mi á ní ẹnu dùn-ún ròfọ́, kí n lọ ta páńdọ́ọ̀lù mi.

Ọkọ rẹ̀, tí mò ń pè ní Bùrọ̀dá, ló máa ń jókòó sí yàrá iwájú. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀rí tí kò ní òpin ló ń gbọ́ lórí àga yẹn, títí tí oníbàárà kan fi wá sọ pé agbo yìí ti lé ẹ̀jẹ̀ ríru òun náà lọ. Bùrọ̀dá kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé oògùn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu agbo. A ò mọ̀ rárá.

Lásìkò yẹn ni òtútù mú ẹ̀gbọ́n mi, imú rẹ̀ dí pátápátá. Àwọn oníbàárà ń dúró, ló bá dìde se agbo bẹ́ẹ̀. Èyí tó sè nígbà náà tà ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó ń ta lọ́fun, wọ́n ní eléyìí lágbára.

Ọjọ́ tí imú rẹ̀ là, ó lọ wo ohun tó kù nínú àpò gbòǹgbò tuntun tó rà. Okùn tí ẹni tó tà á fi dì í ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Àpò atalẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, orí ilẹ̀ ló jókòó sí. “Atalẹ̀ ni mo bù lẹ́ẹ̀mejì,” ó ní. “Atalẹ̀ lásán ni gbogbo wọn ń jẹ́rìí sí.”

Kí n má purọ́, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Omijé wá bọ́ lójú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo jókòó tì í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kò túmọ̀ sí pé gbòǹgbò yín ò wúlò o. Atalẹ̀ náà lè ṣe díẹ̀. Ohun tó fi hàn wá ni pé ẹ̀rí ò lè sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún wa. Bí gbòǹgbò bá wà níbẹ̀, wọ́n á jẹ́rìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á jẹ́rìí.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n ńkọ́?”

“Àwọn wo ló fi wé àwọn tó mu ún? Kò sí. Ì bá pín èèyàn púpọ̀ sí ọ̀nà méjì, kó jẹ́ kèké ló yan ẹni tó máa mu ti gbòǹgbò àti ẹni tó máa mu èyí tí gbòǹgbò ò sí nínú rẹ̀, kí àwọ̀ àti adùn wọn jọra, kí ẹni tó ń fún wọn àti ẹni tó ń mu má mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀.”

Bùrọ̀dá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. A ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ṣé kò sí gbòǹgbò nínú èyí tí mò ń mu?” Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mo ti fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ o.”

Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. Mo sáré gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn oníbàárà mi wá, mo wọ̀n ọ́n, mo ní kó sinmi, mo tún wọ̀n ọ́n. Ó ti ga débi pé mi ò lè pè é jáde lẹ́nu.

“Àmọ́ kò sí ibi tó ń dùn mí,” Bùrọ̀dá ní. “Ara mi fúyẹ́. Mò ń sùn dáadáa.”

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé àgbà ni. “Bùrọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn! Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!”

Ilé ìwòsàn la gbà lọ. Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí kíndìnrín. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ǹṣì, ó dì í mú débi pé ó dùn mí, mi ò sì yọ ọ́. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò tíì ba nǹkan kan jẹ́, a tètè dé, kí Bùrọ̀dá padà sórí oògùn rẹ̀, kó sì padà wá fún àyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, èmi náà sunkún, ayọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi agbo sísè sílẹ̀, mi ò sì ní kó fi í sílẹ̀. Ó kọ orúkọ gàgàrà sára gbogbo àpò. Ó yọ àwọn àwòrán kúrò lára ògiri, ó ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n padà wá ṣe é bó ṣe yẹ, a ṣì ń retí rẹ̀. Ẹni tó bá wá ra agbo, ó kọ́kọ́ ń bi í pé oògùn wo ló ń lò. Yóò wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀, kó sì sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń mu agbo. Àwọn kan ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ń ṣèlérí púpọ̀. Kò dùn mọ́ ọn, ó kàn ń fara dà á.

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ Bùrọ̀dá ti rọlẹ̀. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín jáde bí ọmọdé tí wọ́n fún ní ìsinmi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣì rú u lójú.

“Ìyàwó mi, mo búra, ara mi yá nígbà yẹn. Mo mọ̀ ọ́n lára.”

Ẹ̀gbọ́n mi di apá rẹ̀ mú bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. “Ara yín yá lóòótọ́,” ó ní. “Ẹ̀jẹ̀ yín ni ò gbọ́ ẹ̀rí.”