Ọ̀pá Tó Sún Mọ́ Ààlà Jù

Nígbà tí mo ń yẹ iṣẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Iwofe, bàbá tó ń lo ẹ̀rọ ìgbẹ́rin gbé ọ̀pá pọ́ǹpù kan wá bá mi. Kò gbọdọ̀ nípọn ju àádọ́ta mìlímítà lọ. Mo fi maikirómítà wọ̀n ọ́n: ó fi máíkírọ́ọ̀nù méjì péré dín; ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan.

"E don pass nau, ọmọ mi," ni bàbá wí, pé ó ti yege.

Ó wù mí kí n gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wa lè fi máíkírọ́ọ̀nù mẹ́rin lé tàbí kó fi mẹ́rin dín, ọ̀pá náà sì lè ti kọjá ààlà láìjẹ́ pé a mọ̀. Àdéhùn wa pẹ̀lú oníbàárà sì ni pé a ò ní gba irú èyí.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ bá mi gbẹ́ ẹ díẹ̀ sí i."

Wọ́n gbé ọ̀pá náà padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti mú wọn bínú. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pá náà ti fi máíkírọ́ọ̀nù mẹ́wàá dín, kò sì kéré jù. Mo fọwọ́ sí i.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá gbà á torí pé ò ń tijú mi ni," ni wọ́n wí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá ti padà sí Ìjẹ̀bú tipẹ́. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń wù mí í gbọ́.